Ìsọ̀ méjì tí mo yọ kúrò

Ìsọ̀ 24 ni ìyálọ́jà ní kí n kọ́ sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún wọn, lẹ́bàá Ìbàdàn. 22 ni mo kọ́.

Kí n tó ya ohunkóhun, mo dúró de òjò. Bó ṣe dá báyìí, mo wọ bàtà òjò, mo ń kan èèkàn síbi tí omi ń gbà. Apá ìwọ̀-oòrùn ló ń ṣàn sí, níbi tí odò kékeré kan wà. A fi rọ́bà tí a rọ omi kún wọn ilẹ̀ náà: nínú mítà 30, sẹ̀ǹtímítà 12 péré ló fi rẹlẹ̀.

Mo wá to ìsọ̀ ní ìlà méjì tó dojú kọra, láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ṣòro láti dí, nítorí ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Bí a ṣe tò ó yìí, ìsọ̀ tó wà ní ìparí ìlà nìkan ló ń bá, pákó la sì fi dí ẹ̀gbẹ́ wọn. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán a tẹ̀ sí gúúsù, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kí páànù ìlà tó kọjú síbẹ̀ yọ síta ju ti èkejì lọ. Ẹ̀yìn ni páànù méjèèjì dà sí, kí omi má baà máa já lé oníbàárà lórí.

Ẹ̀yìn náà ni gọ́tà wà. Ó gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20 níbẹ̀rẹ̀, ó sì di 38 kó tó dé odò.

Ojú ọ̀nà àárín ló fẹ́ dójú tì mí. Mítà 1.8 ni mo fún un nínú ìwé. Mo fi eérú fa ìlà sílẹ̀, mo ní kí àwọn ìyá wá jókòó bí wọ́n ṣe ń tajà. Kíá, apẹ̀rẹ̀ tòmátì ti jẹ ìdajì mítà lápá kọ̀ọ̀kan! Alábàárù méjì tó ru ẹrù ò lè kọjá lára ara wọn. Mo sọ ọ́ di mítà mẹ́ta. Mo tún yọ ìsọ̀ kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ọmọlanke lè máa gba àárín wọlé láti ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù.

"Ọmọ mi, ìsọ̀ méjì lo jẹ mí yẹn o," ni ìyálọ́jà wí.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì lẹ kọnkéré tó bo gọ́tà pa. Òjò kẹta ni ẹlẹ́ja ránṣẹ́ pè mí: "Ẹ̀ńjíníà, omi yín ti wọlé mi." Ọ̀rá omi àti èèpo ẹ̀gẹ́ ló dí i lábẹ́. A fọ́ gbogbo rẹ̀, a tún kọnkéré rọ ní pelebe tí èèyàn méjì lè gbé, a fi irin ṣe ìdìmú sí i. Báyìí, bí ọjà bá ku ọ̀la, àwọn ọmọkùnrin méjì a ṣí i, wọn a fi ṣọ́bìrì kó ohun tó wà níbẹ̀.