Bí a ṣe ń gbé ìpara òrí fún gbajúmọ̀ orí ayélujára polówó l'Abẹ́òkúta, ká sì mọ iye tó tà gan-an

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń po ìpara òrí àti ọṣẹ dúdú l'Abẹ́òkúta ló ti sanwó fún gbajúmọ̀ orí ayélujára rí. Fídíò náà rìn jìnnà, àwọn èèyàn yìn ín, síbẹ̀ ọlọ́jà ò lè sọ bóyá owó òun padà wọlé. Ohun tó ń fà á ni pé ẹ̀yìn ìgbà tí fídíò ti jáde tán ni wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí wọ́n ṣe máa ka ọjà tó mú wá. Ìṣirò yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

1. Ẹ mọ iye ike tó máa dá owó yín padà

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ta ike ìpara òrí kan ní ₦5,000. Òrí, òróró àgbọn, ike, lébẹ́ẹ̀lì àti owó iṣẹ́ ń gba ₦2,200, èrè tó wà lórí ike kan sì jẹ́ ₦2,800. Ó fẹ́ yọ ₦500 fún ẹni tó bá mú kóòdù tí gbajúmọ̀ náà sọ nínú fídíò wá, torí náà ₦2,300 ló máa kù sí i lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan ní Ọbántokò, tí nǹkan bí 6,000 èèyàn ń tẹ̀ lé, ní òun máa gba ₦60,000. Ike méjì tí wọ́n máa fún un lò jẹ́ ₦4,400. Páálí àti owó ọlọ́kadà tó máa gbé e lọ gbé e wọ ₦69,000. Ẹ fi ₦2,300 pín in, ó di ike 30. Gbajúmọ̀ kan l'Ékòó tí 80,000 èèyàn ń tẹ̀ lé ní òun máa gba ₦200,000. Tí ẹ bá fi ₦9,000 ti ike méjì, páálí àti owó ọlọ́kadà yẹn kún tiẹ̀ náà, ike 91 ló gbọ́dọ̀ tà kí owó tó padà. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyẹn: ta ló lè ta iye tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

2. Ẹ yan ẹni tí àwọn olùrà yín ń wò

Iye àwọn tó ń tẹ̀ lé èèyàn kò sọ ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Insights Instagram yín, kí ẹ ká ojú fóònù náà sí fídíò fún mi." Àwòrán lásán rọrùn láti tún ṣe. Ẹ wo àwọn ìlú tó wà lókè níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Abẹ́òkúta ò tiẹ̀ sí láàárín wọn, tí ẹ kò sì ní ọ̀nà tó dáa láti máa fi ọjà ránṣẹ́ sí ìlú míì, ẹni yẹn kọ́ lẹ ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fídíò mẹ́wàá tó gbé jáde kẹ́yìn. "Ẹ kú iṣẹ́" àti àwòrán iná lásán kì í sábà di owó. "Èló ni?", "Ṣé ó dáa fún ojú tó ń yọ rorẹ́?", "Ibo ni mo ti lè rí i rà?" ni ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ rà. Ẹ wo awọ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi fíltà dán ojú rẹ̀ nínú gbogbo fídíò ò lè fi iṣẹ́ ìpara hàn, ẹni tó sì polówó ìpara abóra lóṣù tó kọjá máa jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé irú rẹ̀ ni tiyín náà.

Ní tèmi, ohun tí mi ò ní fojú fò ni pé kó lò ó kó tó polówó ẹ. Kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgúnpá, kó wò ó fún wákàtí 24 sí 48 bóyá ó máa yún un. Tí kò bá sí wàhálà, kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí nǹkan bí ìgbà yẹn ni awọ òkè ara máa ń gbà kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀. Tó bá lóun ò lè dúró, ẹ wá ẹlòmíì.

3. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀

WhatsApp tó, bí ẹ bá kọ gbogbo ẹ̀ sójú kan tí òun náà sì dáhùn pé òun gbà: fídíò mélòó, sítórì mélòó, ọjọ́ wo, iye ọjọ́ tí fídíò máa fi wà níbẹ̀, àti bóyá ẹ lè gbé e sí ojú ewé tiyín. Sítórì máa ń pa rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, torí náà ẹ ní kó fi sí Highlights. Kó má polówó ìpara ẹlòmíì fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kó sì jẹ́ kó hàn pé wọ́n sanwó fún òun. Instagram ní àmì Paid partnership fún un.

Ẹ kọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú. Kò gbọ́dọ̀ ní ó ń wo làpálàpá tàbí ifo, nítorí ìpara yín kì í ṣe oògùn. Kó sì tó di pé ẹ polówó rárá, ẹ rí i pé ọjà yín ti ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì gba àṣẹ ìpolówó.

Ẹ san ìdajì ṣáájú. Ìdajì tó kù, ó di ọjọ́ keje lẹ́yìn tí fídíò jáde, tó bá ti fi Insights ránṣẹ́.

4. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀

Tí ẹni méjì bá lo kóòdù kan náà, ẹ ti sọ ìṣirò nù. Ẹ fún ọ̀kan ní EGBA1, èkejì EGBA2, kí ẹ sì ṣe línkì WhatsApp tó ti ní kóòdù náà nínú, kí oníbàárà kàn tẹ̀ ẹ́:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=EGBA1
```

Nọ́ńbà yín ló máa rọ́pò àwọn X, láìsí òdo iwájú.

Àwọn tó máa wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn kì í sábà rántí kóòdù. Kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa bi gbogbo wọn pé, "Ẹ kú àbọ̀ o. Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti gbọ́ nípa wa?", kó sì kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú bóyá oníbàárà tuntun ni àbí ti tẹ́lẹ̀.

5. Ẹ ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Ká ní ìwé ìyá Pánṣẹ́kẹ́ fi hàn pé èèyàn 34 lo EGBA1, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra ike kan. Ó dà bíi pé ó ti ju 30 lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ oníbàárà àtijọ́ tí ì bá rà á ní ₦5,000. ₦500 tó yọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ₦4,500 tó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tuntun 25 mú èrè ₦57,500 wá. Àwọn ẹni tuntun mẹ́jọ míì tí kò mú kóòdù wá ní ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà làwọn ti rí i, wọ́n sì san owó pé: ₦22,400. Tí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, tí ẹ yọ ₦4,500 yẹn àti ₦69,000, èrè tó kù jẹ́ ₦6,400.

Ẹ tún fi àpapọ̀ ọjà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń ta ike 20 lọ́sẹ̀, ìyẹn 40 lọ́sẹ̀ méjì. Tó bá tà tó 70 báyìí, àkọsílẹ̀ náà bára mu. Tó bá jẹ́ 48 péré, a jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tó lo kóòdù ti fẹ́ wá rà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kéèyàn dán ẹni tuntun wò nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Ara gbogbo èèyàn ń hán nígbà náà, òrí sì ń tà fúnra rẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tí fídíò tà.

Ẹ pa ìwé náà mọ́ di ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Tí méje nínú àwọn ẹni tuntun 33 yẹn bá padà wá ra ike kọ̀ọ̀kan ní ₦5,000, ₦19,600 míì ti wọlé. Nígbà náà, mo máa tún ọmọbìnrin yẹn pè. Mo máa ní kó gba ₦30,000 àti ₦500 lórí ike kọ̀ọ̀kan tí ẹni tuntun bá fi kóòdù rẹ̀ rà. Tí kò bá sí ẹni tó padà wá, fídíò kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìpara tó wà nínú ike ni.