Bí mo ṣe fi ẹ̀rí ti (1+x)ⁿ ≥ 1+nx lẹ́yìn lórí owó ẹgbẹ́

Àìdọ́gba tí mo fẹ́ tú palẹ̀ yìí kò gùn rárá: (1+x)ⁿ ≥ 1+nx. Nọ́ńbà odidi ni n, láti 1 lọ sókè, x kò sì gbọdọ̀ kéré ju −1 lọ. Orúkọ Jacob Bernoulli, ará Basel, ni wọ́n fi ń pè é, nítorí ó lò ó nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1689. Orí ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn oníṣòwò kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ni èmi ti lò ó. Ìbéèrè ìyá akápò wọn ṣe tààrà: “Ẹ jọ̀ọ́, iye tí mo máa ń ṣírò wẹ́rẹ́ yìí, ṣé ó lè pọ̀ ju ohun tó máa wọlé lọ?”

Ẹ jẹ́ ká fi owó gidi wò ó. Ẹgbẹ́ yá ènìyàn ní ₦100,000, èlé oṣù kan sì jẹ́ náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé x = 0.02. Ìṣirò wẹ́rẹ́ ni pé kí akápò máa fi ₦2,000 kún un lóṣooṣù: lẹ́yìn oṣù n, ó di 100,000 × (1+nx). Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé èlé tí ẹni tó yáwó kò bá san yóò di ara owó, òun náà á sì máa bí èlé. Ìyẹn ni 100,000 × (1+x)ⁿ.

Lóṣù kìíní, ọgbọọgba ni méjèèjì, ₦102,000. Lóṣù kejì, ìṣirò wẹ́rẹ́ sọ pé ₦104,000, èlé orí èlé sì sọ pé ₦104,040. Èlé ₦2,000 ti oṣù kìíní ló bí ₦40 náà. Lóṣù kẹta, ₦106,000 ni tibí, ₦106,120.80 ni tọ̀hún. Mo tú ₦120.80 yẹn sí wẹ́wẹ́ lójú ìyá akápò: ₦40 ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ₦80 jẹ́ èlé lórí ₦4,000, ìyẹn èlé oṣù méjì àkọ́kọ́, kọ́bọ̀ 80 tó kù ni èlé tí ₦40 bí. Ẹ fi ọkàn sí ₦80 yẹn, nítorí òun ni gbogbo ẹ̀rí yìí dá lé lórí. Bí oṣù méjìlá bá pé, ₦124,000 ni ìṣirò wẹ́rẹ́, ₦126,824.18 sì ni tòótọ́.

Oṣù méjìlá kò tíì jẹ́ ẹ̀rí ṣá. A lè wo ọgọ́rùn-ún oṣù kó rí bẹ́ẹ̀, kó má sì rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ́kọ́ fi hàn pé ó rí bẹ́ẹ̀ ní n = 1, lẹ́yìn náà mo fi hàn pé bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù k, èyíkéyìí tí k ìbáà jẹ́, dandan ni kó rí bẹ́ẹ̀ ní k+1. Bí ti 1 bá ti dúró, ó fa ti 2 dúró, ti 2 fa ti 3, kò sì sí ibi tó ti lè já.

Ti n = 1 kò gba àkókò: 1+x ni apá méjèèjì. Fún ìgbésẹ̀ kejì, ẹ gbà pé (1+x)ᵏ ≥ 1+kx. Nítorí pé x ≥ −1, 1+x kò kéré ju òdo lọ, nítorí náà ẹ fi (1+x) sọ apá méjèèjì di púpọ̀, àmì ≥ kò ní yí padà:

(1+x)ᵏ⁺¹ ≥ (1+kx)(1+x) = 1 + (k+1)x + kx²

Ohun tí à ń wá, 1+(k+1)x, ti wà níbẹ̀. Ohun tó lé kò ju kx² lọ. Nọ́ńbà èyíkéyìí tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kì í kéré ju òdo lọ, k pẹ̀lú kò kéré ju òdo lọ, nítorí náà bí a bá yọ kx² kúrò, ohun tó kù kò lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rí parí síbẹ̀. Ẹ fi k = 2 àti x = 0.02 sínú kx², ẹ wá fi ₦100,000 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦80 ọjọ́sí ló jáde. Lórí náírà kọ̀ọ̀kan, kx² ni èlé tí èlé wẹ́rẹ́ ti oṣù k àkọ́kọ́ bí ní oṣù tó tẹ̀ lé e. A tún rí i níbẹ̀ pé bí x kò bá jẹ́ òdo, láti n = 2 lọ ni apá òsì ti ń ju apá ọ̀tún lọ pátápátá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀ ni ìsọdipúpọ̀ yẹn. Wọn á kọ ìlà náà láìsọ pé 1+x kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ òdo. Bó bá wà lábẹ́ òdo, àmì ≥ yóò yí padà di ≤, ẹ̀rí sì ti já. Ẹ wo x = −4. Ní n = 2, (−3)² = 9, 1+nx sì jẹ́ −7; ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí n = 3: (−3)³ = −27, 1+nx = −11. −27 kéré ju −11 lọ, àìdọ́gba náà ti wó. Ẹni tó bá ka ẹ̀rí tí kò rí ibi tí wọ́n ti lo “x ≥ −1” nínú rẹ̀, kó mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé kété tí x bá ti wọ abẹ́ −1 ni gbogbo rẹ̀ máa ń wó. Láti −2 títí dé −1 ó ṣì dúró, ẹ̀rí wa ni kò débẹ̀. Nínú ààlà yẹn, 1+x wà láàárín −1 àti òdo, nítorí náà (1+x)ⁿ kò lè rẹlẹ̀ ju −1 lọ; bẹ́ẹ̀, láti n = 2, 1+nx kò lè ga ju 1−n lọ, èyí tí kò ju −1 lọ.

Bí owó bá ń dín ńkọ́? Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà nílẹ̀ ń lọ lóṣooṣù, x = −0.1. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ìṣirò wẹ́rẹ́ ní ₦50,000 ló kù nínú ₦100,000. ₦59,049 ló kù ní tòótọ́. Ní oṣù kẹwàá, ìṣirò wẹ́rẹ́ ní kò ku nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó lé ní ₦34,800 ṣì wà nílẹ̀. Àìdọ́gba náà kò purọ́, ṣùgbọ́n bí n bá ti pọ̀, kì í sọ ohun tó wúlò mọ́.

Mo wá kìlọ̀ fún ìyá akápò nípa ẹni tó bá san owó padà ní ìdajì oṣù, tí wọ́n sì ń ka èlé rẹ̀ ní ìlànà èlé orí èlé. Níbẹ̀, n = ½, kì í ṣe nọ́ńbà odidi, ọ̀rọ̀ sì yí padà: ìṣirò wẹ́rẹ́ sọ pé ₦101,000, ti èlé orí èlé jẹ́ ₦100,995.05. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ fi x/2 sípò x nínú àìdọ́gba wa, kí n jẹ́ 2: (1+x/2)² ≥ 1+x. Nítorí náà 1+x/2 kò kéré ju √(1+x) lọ. Bó bá jẹ́ odidi oṣù, kó máa ṣírò wẹ́rẹ́, kò ní jù. Bó bá jẹ́ ìdajì oṣù, náírà bíi márùn-ún ló ń fi lé e lórí ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà.