Àṣìṣe Tó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́ Nílé Ìtẹ̀wé Tí Àgbà Àti Ọ̀dọ́ Ti Jọ Ń Ṣiṣẹ́

Ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí, kò ṣòro láti rí ṣọ́ọ̀bù tí bàbá ẹni ọdún 58 ti ń tẹ ẹ̀rọ, tí ọmọ ọdún 24 ń ṣe iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, tí ọ̀gá àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni ọdún 35. Ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ jù sínú gúrúpù Wátsáàpù, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ tó ti dé. Ẹ jẹ́ ká ní ìwé ètò ìsìnkú lẹ fẹ́ tẹ̀, ojú ewé 16, ẹ̀dà 2,000. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, oníbàárà ní ìsìn ti kúrò ní aago mẹ́wàá, ó ti di mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọmọ orí kọ̀ǹpútà tún fáìlì ṣe, ó jù ú sí gúrúpù, ọ̀gá fi àtàǹpàkò dá a lóhùn. Bàbá ti pa dátà rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fi di aago méje àárọ̀, pléètì àná ló wà lórí ẹ̀rọ. Pépà A4 kan tí a ká sí méjì ń di ojú ewé mẹ́rin, nítorí náà pépà mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀dà kan. Èyí tó wà níta ló gbé aago ìsìn. Pépà 2,000 ti ṣòfò nìyẹn, riimu mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú pléètì tuntun.

Wọ́n á ní bàbá ò mọ fóònù lò. Irọ́ ni. Bí ọmọ tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú gúrúpù lórí fóònù tirẹ̀, tó sì ṣí `Info`, á rí i pé orúkọ bàbá ò sí lábẹ́ `Read by`. Kò sẹ́ni tó ṣí `Info` náà wò.

Àyípadà tó bá kan ohun tó ti dé orí ẹ̀rọ, ẹ pe bàbá, kí ó tún un sọ fún yín létí. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì iṣẹ́ tó wà lára ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha pléètì àtijọ́ kó má ṣeé lò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí sọ gbogbo nǹkan di ìpè. Orúkọ olóògbé tí ẹ bá pè lórí fóònù nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ á di orúkọ ẹlòmíì. Orúkọ àti iye owó, kíkọ ni, ìbáà jẹ́ àgbà ni yóò gbà á tàbí ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọjọ́ orí.

Ní ti ìbáwí, bíbá àgbà wí lójú àwọn ọmọ kò dára, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tó burú jù, tí a kì í sọ, ni ọ̀gá tí kò lè bá a wí rárá. Á ní: "Bàbá, tí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi wo àwọ̀ yìí." Bàbá á gbà pé kò sí kánjúkánjú, ẹ̀rọ á máa lọ. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ mú pépà náà dání: "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ dá ẹ̀rọ dúró ná. Pupa yìí ti yẹ̀ kúrò lórí yẹ́lò." Ọ̀wọ̀ wà nínú "ẹ" àti nínú ohùn yín, kò yẹ kí ó sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀. Ọ̀dọ́ ní tirẹ̀ máa ń ka ìdákẹ́jẹ́ sí pé iṣẹ́ dára. Ẹ fi pépà àkọ́kọ́ tó jáde hàn án lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi ìka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ẹ má dúró dìgbà owó oṣù.

Àṣìṣe tó kù ni kí a máa fi àga tó ṣófo díwọ̀n ọ̀lẹ. Bàbá á dé ní méje, á lọ ní mẹ́rin. Ọmọ á dé ní mẹ́wàá, á sì wà níbẹ̀ di méje alẹ́. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú aago mọ́kànlá sí mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wà, kí fáìlì máa kọjá láti orí kọ̀ǹpútà sórí ẹ̀rọ láàrin àkókò yẹn nìkan. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìsinmi tí kò dín sí wákàtí kan, ọmọ tó ń pẹ́ lálẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Fáìlì tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́ta, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí oníbàárà bá ní dandan ni lálẹ́ yẹn, kí ó san owó àṣekún, kí owó náà sì dé ọwọ́ ẹni tó dúró tẹ̀ ẹ́.