Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìka Méjì Mọ Ìdí Tí Ọkàn Ọ̀dọ́ Fi Ń Yára Nígbà Tó Bá Ń Fa Èémí Sínú

Bí ọmọ ogún ọdún bá fi ìka sórí iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tó sì rọra ń mí kanlẹ̀, yóò rí i pé lílù iṣan náà kò dọ́gba. Bó bá ti ń fa èémí sínú ni lílù náà ń sún mọ́ra. Bó bá ti ń tú u jáde ni ó ń jìnnà síra. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti torí èyí sáré lọ bá dókítà pé ọkàn àwọn ń lù ségesège. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara tó dá ṣáṣá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín mọ̀ ọ́n, kí ẹ lóye ohun tó ń fà á, kí ẹ sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ségesège tó yẹ kí dókítà gbọ́ sí.

Ẹni méjì ni kí ó ṣe é, ọ̀kan á máa mí, èkejì á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí ẹni tí yóò máa mí jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ibà kò mú, tí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tàbí gun àtẹ̀gùn. Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ti tó fún yín.

Ìmúrasílẹ̀

Kí ẹni tí yóò mí jókòó, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ó sì dákẹ́ fún nǹkan bí iṣẹ́jú 5. Ẹ má fo ibí yìí. Ọkàn tí ara rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ kò ní fi ohun tí à ń wá hàn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀, nínú kòtò kékeré tó wà láàárín eegun àti okùn ẹran tó le níbẹ̀. Ẹ má lo àtàǹpàkò yín, torí iṣan tirẹ̀ náà ń lù, ẹ lè máa ka ara yín láìmọ̀. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, lílù náà á sì pòórá. Ẹ dẹ ìka díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ta yín lọ́wọ́ dáadáa.

Gbígbọ́ ọ létí

Etí máa ń mọ àìdọ́gba ju ìka lọ. Nítorí náà, kí ẹni tó di ọwọ́ mú fi ọwọ́ rẹ̀ kejì máa kan tábìlì ní gbogbo ìgbà tí iṣan bá lù, ìkànlù kan fún lílù kan. Ẹ tan fóònù kí ó máa gba ohùn sílẹ̀. Ẹni yìí kan náà ni yóò máa wo aago, tí yóò máa sọ pé "fà" àti "tú" ní ìṣẹ́jú àáyá 5-5. Ẹni kejì á fa èémí sínú pẹ̀lẹ́ títí yóò fi gbọ́ "tú", á sì tú u jáde pẹ̀lẹ́ títí yóò fi gbọ́ "fà". Kí ó má sáré fà á kó wá máa dúró de àṣẹ. Kí èémí náà máa wọlé láìdáwọ́ dúró fún gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 5 náà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni kí ó mí bẹ́ẹ̀, ìyẹn á gba iṣẹ́jú kan gééré. Bí òòyì bá kọ́ ọ tàbí tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta yìnrìn, ó ń mí jù nìyẹn, kí ó sinmi.

Nígbà tí ẹ bá tún ohùn náà gbọ́, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìkànlù ṣe ń ṣù pọ̀, kó-kó-kó-kó, bí èémí ti ń wọlé, tí ó sì ń fà gùn, kó... kó... kó, bí ó ti ń jáde. Ẹ lè rí i pé ìkànlù àkọ́kọ́ lẹ́yìn "tú" ṣì yára. Kì í ṣe àṣìṣe: ìparí fífà ni ọkàn máa ń yára jù, ó sì máa ń gbà á ní lílù kan tàbí méjì kí ó tó yípadà.

Ẹ wá ka ìkànlù tó wà lábẹ́ "fà" kọ̀ọ̀kan àti lábẹ́ "tú" kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọdébìnrin ẹni ogún ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní nígbà tó ń fà á, a ka 7, 7, 6, 7, 7, 7. Nígbà tó ń tú u, a ka 5, 5, 6, 5, 5, 5. Àpapọ̀ ti fífà jẹ́ 41, ti títú jẹ́ 31. Ìdajì iṣẹ́jú ni fífà gbà, ìdajì ni títú náà gbà, nítorí náà ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì: ọkàn rẹ̀ ń lù bí ẹni tó ń lu 82 ní iṣẹ́jú kan nígbà tó ń fa èémí, ó sì ń lù bí ẹni tó ń lu 62 nígbà tó ń tú u. Nọ́ọ̀sì tó bá kà á fún odindi iṣẹ́jú yóò kọ 72 sínú káàdì rẹ̀, kò sì ní fura sí nǹkan kan. Bákan náà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka àti ọ̀pọ̀ aago ìgbàlódé ṣe máa ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, torí wọ́n ń pa lílù bíi mélòó kan pọ̀ kí wọ́n tó gbé nọ́ńbà jáde.

Ohun tó ń fà á

Lókè apá ọ̀tún ọkàn, ẹran kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń fúnra rẹ̀ pilẹ̀ lílù kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, nínú ọ̀dọ́, á máa lù ju 100 lọ ní iṣẹ́jú kan. Ohun tó mú kí ó wà ní 72 lára ọmọdébìnrin wa tó jókòó jẹ́ẹ́ ni iṣan ajíṣẹ́ kan tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tó gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ wá sí àyà. Fégọ́ọ̀sì ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ lára ọkàn ni pé ó ń kó o níjàánu.

Ìjánu yìí kò dúró sójú kan. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ kan náà ni àwọn tó ń pàṣẹ mímí wà, nítòsí àwọn tó ń rán fégọ́ọ̀sì níṣẹ́. Nígbà tí àṣẹ "fa èémí" bá jáde, ó ń pa àwọn aládùúgbò rẹ̀ yìí lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró náà, bó ti ń wú, ń ránṣẹ́ lọ sókè pé òun ti ń kún, iṣẹ́ yẹn tún ń dẹ ìjánu sí i. Ọkàn á yára. Bí èémí bá ti ń jáde, àwọn tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìjánu á fún, ọkàn á sì rọra.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló dé tí a fi dá fégọ́ọ̀sì lẹ́bi, nígbà tí iṣan mìíràn wà tó ń ti ọkàn síwájú nígbà ìbẹ̀rù. Ìyára ni ẹ̀rí wa. Èròjà tí fégọ́ọ̀sì ń tú sára ọkàn, asẹ́táìlìkólìnì, kì í pẹ́ níbẹ̀. Ara ń fọ́ ọ túútúú lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ó lè bá èémí wọlé, kí ó bá a jáde. Iṣẹ́ iṣan ìbẹ̀rù máa ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó hàn, kò lè bá èémí sáré. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí dókítà bá fún ènìyàn ní oògùn atiropíìnì tó pọ̀ tó láti dí fégọ́ọ̀sì lọ́wọ́, lílọ-bíbọ̀ yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: ní 1847 ni Carl Ludwig, onímọ̀ ará Jámánì, ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ ya á sórí bébà láti ara ajá.

Ẹ dán ìjánu náà wò

Ẹ padà sídìí tábìlì. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹni náà máa mí bó ṣe máa ń mí lójoojúmọ́, láìka ìṣẹ́jú àáyá. Ìyàtọ̀ náà á kéré sí ti àkọ́kọ́, torí àkókò kò tó kí ìjánu fún dáadáa kí èémí mìíràn tó dẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí ó dá èémí dúró díẹ̀ láìfipá ṣe é, láìgìn. Ìkànlù á dọ́gba. Èyí gan-an ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ nínú gbogbo ìdánwò yìí, torí ó fi hàn pé èémí ló ń darí àìdọ́gba náà. Níkẹyìn, kí ó fẹsẹ̀ sáré lójúkan díẹ̀, kí ẹ sì tún kà á: ọkàn á yára, àmọ́ á máa lù dọ́gba-dọ́gba. Ara tó ń ṣiṣẹ́ ti dẹ ìjánu sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èémí kò rí ohun tó pọ̀ dẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́, òun náà ló sì fà á tí ẹni tí ibà ń mú kò fi ní fi í hàn dáadáa.

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá gbà, ẹ ṣe é fún wọn náà. Ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ tiwọn kéré gan-an sí ti ọmọ wọn. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni agbára fégọ́ọ̀sì lórí ọkàn ń dínkù, tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ń le sí i. Kò túmọ̀ sí pé àìsàn ló ṣe wọ́n.

Àmọ́ nínú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà tó ti pọ̀ jù fún ọdún púpọ̀ lè ba fégọ́ọ̀sì jẹ́. David Ewing àti B. F. Clarke, àwọn dókítà ní Ẹ́díńbọ̀rọ̀, to ìdánwò mímí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní iṣẹ́jú kan yìí mọ́ àwọn ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 1982 fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka ìyàtọ̀ lílù 15 sókè ní iṣẹ́jú kan láàárín fífà àti títú sí èyí tó dára, 10 sísàlẹ̀ sí èyí tí kò dára. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn àlàfo láàárín lílù kan sí èkejì, àwọn dókítà òde òní sì máa ń fi ọjọ́ orí kún un. Kíka tìka yín kò péye tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà tí ẹ rí níbí sọ pé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn.

Èyí tí kì í ṣe ti èémí

Ṣé ó ń tẹ̀ lé èémí àbí kò tẹ̀ lé e? Bí ẹ bá dá èémí dúró díẹ̀ tí ségesège náà kò sì dáwọ́ dúró, tàbí tí lílù kan ń fò, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì gbá yín láyà gbì, tàbí tí gbogbo rẹ̀ kàn ń lù gátagàta láìní ìlànà kankan, ẹ lọ bá dókítà kí ó fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn náà ṣe ń lù. Òmíràn nínú irú èyí kò ní ewu, ṣùgbọ́n ìka kò lè dá ìyẹn mọ̀. Lórí bébà ẹ̀rọ náà, bí ó bá jẹ́ ti èémí ni, àmì kékeré tó ṣáájú lílù kọ̀ọ̀kan á rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àlàfo nìkan ni yóò máa fẹ̀ tí yóò máa há. Ẹni tó bá sì dákú, tí àyà ń dùn, tàbí tí èémí rẹ̀ kò tó o níbi tó jókòó sí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, láìdúró ka iṣan kankan.