Bí mo ṣe tún ojú Màmá ṣe nínú fótò tí ilà àti ihò awọ wọn ò sì parẹ́

Ní oṣù tó kọjá ni àǹtí kan gbé fótò màmá wọn wá bá mi, Màmá fẹ́ ṣe ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú fíréèmù ńlá, 16 sí 20 ínṣì, tí wọ́n máa gbé sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Èmi kọ́ ni mo ya fótò yẹn, iṣẹ́ tèmi ni kí n tún un ṣe. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e fún ẹlòmíì kí wọ́n tó délé mi, nígbà tí àǹtí fi èyí tí wọ́n ṣe hàn mí, inú mi bà jẹ́ gan-an. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ wò ó, wọ́n ti sọ ìyá wa di ọmọláńgidi, ilà wọn dà?" Òótọ́ ni, Màmá ní pélé mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, nínú fótò yẹn ó ti di ìlà tínrín tó dà bíi pé ẹnì kan fi bírò fà á, gbogbo ojú ń dán bíi ike.

Ohun tó ń ṣe ojú yẹn gan-an ò pọ̀. Méékọ́ọ̀pù ò dọ́gba, iwájú orí mọ́lẹ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní àwọn ibi tó dúdú ní abala-abala, ẹ̀bá ẹnu dà bí ẹni tí eérú bà, irorẹ́ méjì wà lágbọ̀n, àmì ara dúdú kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Àmì yẹn ò sí nínú ohun tí mo máa fọwọ́ kàn. Ìlànà tí mò ń lò ni pé ohun tó máa lọ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lè yọ ọ́, ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀ fi mọ̀ ọ́n níyà, ó dúró síbẹ̀.

Ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi bà á jẹ́ ni pé ó fi bíláà, ìyẹn ohun tó ń sọ fótò di bàìbàì, pa gbogbo ojú pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan méjì ló wà lójú èèyàn nínú fótò. Àwọ̀ àti òjìji tó tẹ́ rẹrẹ wà lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni dúdú abala-abala yẹn wà. Àwọn nǹkan wínníwínní náà wà lọ́tọ̀, ihò awọ, irun wẹ́wẹ́, ìlà ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Tí èèyàn bá bíláà wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà pọ̀, méjèèjì ló máa bá a lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ bíi ká máa jọ̀ gàrì, èyí tó kúnná á bọ́ sílẹ̀, èyí tó wú á kù sórí ajọ̀, lẹ́yìn náà màá wá tún ọ̀kan ṣe láìfọwọ́ kan ìkejì.

Mo ní kí àǹtí lọ gba fáìlì tó jáde látinú kámẹ́rà gan-an, torí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù ti fún pọ̀ débi pé ihò awọ ti lọ níbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun téèyàn lè ṣe láti dá ohun tí ò sí nínú fótò padà. Ìgbà tí fáìlì dé, ó tó píksẹ́lì 6000 ní fífẹ̀, mo wá súùmù dé 100%, mo rí ihò awọ lẹ́rẹ̀kẹ́ kedere, ọkàn mi balẹ̀.

Mo ṣí i nínú Photoshop, mo tẹ Ctrl+J lẹ́ẹ̀mejì kí n lè ní léyà méjì, ìyẹn ẹ̀dà fótò náà tó gun orí ara wọn, lókè èyí tó wà nílẹ̀. Mo sọ ti ìsàlẹ̀ ní Low, mo sọ ti òkè ní High. Mo tẹ àwòrán ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ High kó lè fara pamọ́, mo wá lọ sórí Low, mo ṣí Gaussian Blur. Radius tó wà níbẹ̀ ni ihò ajọ̀ tí mo sọ yẹn, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 1, mo ń gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo tẹjú mọ́, ibi tí ihò awọ ti pòórá tán tí mo ṣì ń rí àwọn abala dúdú yẹn àti bí imú ṣe yọ, ibẹ̀ ni mo dúró. Fún fótò yìí, píksẹ́lì 9 ni. Tó bá kéré jù, ihò awọ á ṣẹ́kù sínú Low, tí mo bá wá tún àwọ̀ ṣe ó máa bá a lọ. Tó bá pọ̀ jù, etí àwọn abala dúdú yẹn á gòkè lọ sínú High, màá wá máa tún Low ṣe títí tí ìdọ̀tí ò ní kúrò lójú. Ẹ má gba nọ́ńbà mi lò o, ti fótò tí ojú ti kéré, tí wọ́n ya èèyàn látòkè délẹ̀, ó lè máà ju 3 lọ.

Lẹ́yìn yẹn mo ṣí ojú High padà, mo lọ sí Image > Apply Image, ohun tí mo tò síbẹ̀ rèé:

```
Layer: Low
Blending: Subtract
Scale: 2
Offset: 128
```

Fún fáìlì 8-bit nìyẹn o. Tó bá jẹ́ 16-bit, Add ni ẹ máa yàn, ẹ mú Invert, Scale 2, Offset 0. Léyà High máa di eérú-eérú, ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìlà àti ihò wẹ́wẹ́ lọ. Mo wá yí blend mode ẹ̀ sí Linear Light. Ibí yìí la ti ń mọ̀ bóyá ó tọ̀nà, fótò gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà gẹ́lẹ́ kéèyàn tó fọwọ́ kan nǹkan. Tó bá yàtọ̀ rárá, a jẹ́ pé nǹkan ti ṣì níbì kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń jẹ́ pé Merged ló wà nínú àpótí Layer dípò Low.

Ó wá kan àwọ̀. Mo tẹ Ctrl+J lórí Low kí n má baà ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, Low copy yẹn ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo mú Lasso Tool, mo fi Feather, tó ń jẹ́ kí etí ibi tí mo yípo rọ̀, sí 25, mo yípo abala dúdú kan pẹ̀lú díẹ̀ lára ibi tó mọ́ tó yí i ká, mo wá fún un ní Gaussian Blur 25. Dúdú yẹn á yọ́ sínú ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ihò awọ ò sì mì torí òkè ló wà. Abala kan, mo tún mú òmíràn. Mi ò jẹ́ yípo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, torí òjìji tó jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rí roboto inú Low náà ló wà, tí ẹ bá pa á rẹ́, ojú á tẹ́ bíi pátákó. Mi ò sì jẹ́ kí Lasso fara kan etí gèlè. Gèlè Màmá pupa fòò, mo sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré níwájú orí, pupa yẹn kàn ṣàn wọ awọ, mo tètè tẹ Ctrl+Z.

Pélé yẹn ló gba àkókò mi jù. Ilà ojú kì í ṣe ìlà lásán, ó jìn wọ inú awọ, torí náà ó pín sí méjì lẹ́yìn tí mo yà wọ́n sọ́tọ̀. Etí ẹ̀ tó mú wà nínú High, òjìji inú ẹ̀ wà nínú Low. Tí mo bá bíláà Low kọjá lórí ẹ̀, òjìji á lọ, etí nìkan á ṣẹ́kù, ìdí nìyẹn tó fi dà bí bírò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Àárín ilà kan sí ìkejì ni mo ń yípo, ní tóóró-tóóró, mo sì dín Feather kù sí 8. Síbẹ̀ lápá òsì ó ṣì fà díẹ̀, mo wá fi mask sórí Low copy, ibi tí mo bá kùn ní dúdú lórí ẹ̀, Low àkọ́kọ́ ló máa hàn níbẹ̀, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tó ní dúdú, mo tọ ilà kọ̀ọ̀kan látòkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe ń tọ̀ ọ́ ni jíjìn ẹ̀ ń padà wá lójú mi báyìí.

Ti ẹ̀bá ẹnu ò gbọ́ bíláà, torí kì í ṣe pé ó dúdú jù, àwọ̀ ẹ̀ ló ṣì, eérú ni. Mo ṣí léyà òfìfo kan láàárín Low copy àti High, mo fi blend mode ẹ̀ sí Color, mo fi Alt mú àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nítòsí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí Opacity ẹ̀ jẹ́ 10% kùn ún léraléra títí ara fi yá wá síbẹ̀. Awọ dúdú tiwa ní pupa àti òféèfèé nínú, tí ẹ bá ń fi ìmọ́lẹ̀ nìkan tún eérú ṣe, ṣe ló máa funfun sí i.

Irorẹ́ méjì yẹn, orí High ni. Mo kọ́kọ́ fi Lasso yọ pupa wọn nínú Low copy, mo wá padà sórí High, mo mú Clone Stamp tó ń da ibì kan kọ sí ibòmíì, mo rí i pé Sample ẹ̀ wà ní Current Layer, mo gba awọ lára àgbọ̀n níbẹ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ihò awọ ló jọra, ti imú tóbi, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gùn díẹ̀, òjìji wọn sì máa ń wà ní apá kan ṣoṣo níbi tí iná ò ti wá. Tí ẹ bá gba ti apá ọ̀tún lọ lẹ̀ mọ́ apá òsì, ojú ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé nǹkan kan ò bára mu bí ò tiẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Nígbà tí mo parí mo dìde, mo lọ mu omi, mo padà wá, mo ń tan Low copy mo ń pa á. Ó ti pọ̀ jù díẹ̀. Ojú máa ń mọ́ra pẹ̀lú ohun tó ń wò láti òwúrọ̀, èèyàn ò ní mọ̀ pé òun ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Mo dín Opacity ẹ̀ kù sí 75%, dúdú abẹ́ ojú padà díẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, obìnrin ọgọ́ta ọdún ni.

Kí n tó gbé e fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, mo gé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n nìkan, mo tẹ̀ ẹ́ síwèé kékeré ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ nínú fíréèmù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ihò mẹ́ta kan náà fara hàn níbi méjì lágbọ̀n, Clone Stamp ti lẹ ibì kan náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i lójú kọ̀ǹpútà. Mo tún un ṣe. Àǹtí wá gbé fíréèmù lọ ní Fúráìdé, alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n pè mí, Màmá ló gba fóònù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣé o, ṣé wàá lè bá mi tẹ kékeré méjì sí i, àbúrò mi l'Ábẹ́òkúta ń bèèrè."