Bí a ṣe ń fi ímeèlì mẹ́ta béèrè owó ọjà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà

Ṣọ́ọ̀bù bébà ni mo ní ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ilé ìwé aládàáni ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra àwìn lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ ká sì mú irú ọjà wọn kan: páálí bébà mẹ́wàá, ₦300,000. Ọjà dé ọwọ́ wọn ní 5 Júùnù, àdéhùn jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, owó sì yẹ kó wọlé ní 5 Júláì.

Ẹ fi ímeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní 8 Júláì: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. ₦300,000 tó wà lórí ínfọ́ìsì 041 ti yẹ ní sísan láti 5 Júláì. Ínfọ́ìsì náà àti wébìlì tí ẹ fọwọ́ sí nìyí. Bí ẹ bá ti san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀.” Ẹ má gbàgbé wébìlì yẹn, torí àìrí ìwé ni bọ́sà, ẹni tó ń mójú tó owó ilé ìwé, máa ń kọ́kọ́ sọ. Kò di dandan kí ẹ ní ẹ̀rọ tó ń ya ìwé. Fóònù tí ẹ fi yà á níta, nínú ìmọ́lẹ̀, ti tó.

Ní 18 Júláì, orí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ ti fèsì, kí ti ìṣáájú lè hàn nísàlẹ̀. Ẹ fi bọ́sà kún àwọn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ọjọ́ wo gan-an lẹ máa san owó yìí?” Bí wọ́n bá fi fóònù ṣèlérí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà: “Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lónìí, ẹ máa san ₦300,000 ní 28 Júláì.” Bí wọ́n bá ní “bẹ́ẹ̀ ni,” ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín pé wọ́n gbà pé àwọn jẹ yín.

Ẹ̀kẹta, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì, ni ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́. Inú ti ń bí wọn, wọ́n á kọ ọ́ lóru. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ ọ́ sí oníbàárà rẹ̀ pé ọlọ́pàá máa wá gbé e. Oníbàárà gbé ìwé náà fún lọ́yà, ọ̀rọ̀ sì kúrò lórí gbèsè, ó di ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere: wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí àìmú àdéhùn òwò ṣẹ lásán. Nítorí náà, ẹ má dárúkọ ọlọ́pàá rárá.

Ẹ má sì kọ “a máa gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ.” Kò sẹ́ni tó ń tìtorí ìyẹn sanwó. Ẹ kọ ọjọ́ kan, iye kan, àti ohun tí ẹ máa ṣe lóòótọ́: “Bí ₦300,000 kò bá wọlé ní 11 Ọ́gọ́ọ̀sì, a ò ní gbé ọjà àwìn wá mọ́, lọ́yà wa á sì kọ̀wé sí yín. Bí kò bá rọrùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ san ₦150,000 ní 11, kí ẹ san ìyókù ní 25.” Mo máa ń fi àyè ìdajì yìí sílẹ̀, torí owó ilé ìwé lè má tíì wọlé lásìkò ìsinmi. Bí ẹ kò bá tíì bá lọ́yà sọ̀rọ̀, ẹ yọ lọ́yà kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní alẹ́ bó bá wù yín, àmọ́ ẹ tún un kà láàárọ̀ kó tó lọ.

Ní 12 Ọ́gọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá pè fún páálí méjì láìtíì sanwó, ẹ má gbé e lọ. Bí ìdajì bá sì wọlé, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ó ku ₦150,000, ní 25 Ọ́gọ́ọ̀sì.