Kílò ni mo fi ra aṣọ ọmọ mi kejì, kì í ṣe oṣù

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo bí ọmọ mi kejì ní Àbújá níbí, nígbà tí ọyẹ́ ti ń bó ètè gbogbo wa. Nígbà tó ku bí oṣù kan kí n bímọ, mo ní kí bàbá ọmọ bá mi gbé àpò aṣọ àkọ́bí wa sọ̀ kalẹ̀, mo sì tú u sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ 14 tí wọ́n kọ NB sí lọ́rùn, ìyẹn aṣọ ọmọ tuntun, ló wà níbẹ̀. Márùn-ún nínú wọn kò kan omi rí. Páálí iye owó ṣì so mọ́ wọn. Ó dùn mí, nítorí mo rántí bí a ṣe ṣọ́wó jọ kí a tó rà wọ́n.

Mo jókòó tì wọ́n, mo ń ka ohun tó wà ní ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́bí. Oṣù nìkan ni mo máa ń wò. Àmọ́ lábẹ́ oṣù, wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ ìwọ̀n ara ọmọ àti gígùn rẹ̀. Aṣọ kan nínú àwọn NB yẹn kọ 5–8 lb. Òmíràn kọ 10 lb àti 56 cm. Ìwọ̀n pọ́n-ùn ni lb yẹn. Téèyàn bá fi 2.2 pín in, kílò ló máa rí. Èyí àkọ́kọ́ parí sí nǹkan bíi kílò 3.6, èkejì sì dé kílò 4.5. NB ni wọ́n pe àwọn méjèèjì o, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Kílò 3.6 gan-an sì ni wọ́n bí àkọ́bí mi. Ọjọ́ tó délé ayé ló ti dé ìparí ọ̀pọ̀ nínú aṣọ tí mo kó jọ fún un.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké ni aṣọ mẹ́ta kan tó wá láti Yúróòpù. Wọn kò kọ oṣù sí wọn rárá, nọ́ńbà nìkan ni: 50, 56, 62. Gígùn ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn, ní sẹ̀ǹtímítà, ó sì ń fi mẹ́fà-mẹ́fà lọ sókè. Àlàfo yẹn kì í yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kì í dàgbà déédéé. Nínú oṣù àkọ́kọ́, ọmọ tára rẹ̀ dá lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún gùn sí i. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá, díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà kan ni lóṣù. Ìyẹn ni pé àlàfo kan náà tí ìkókó ń fò kọjá láàárín oṣù kan àti díẹ̀, ọmọ tó ti ń rá lè lo bí oṣù márùn-ún nínú rẹ̀. Bí ìwọ̀n náà ṣe rí nìyẹn: ọmọ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ìbí rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà, kó tó wá rọra máa lọ.

Mo mú téépù, mo lọ sọ́jà Wuse. Ìyá Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó ń ta aṣọ ọmọ, tuntun àti ọ̀kirìká.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ọmọ oṣù mélòó ni?"

"Mi ò tíì bí i, mà."

"Ẹ yáa mú NB dọ́sìn kan nígbà yẹn."

Mo ní rárá mà, mẹ́rin péré ni mo fẹ́, kó sì jẹ́ èyí tó dé kílò 4.5. Mo mú mẹ́jọ tó dé kílò 6, àwọn tí wọ́n ń kọ 0–3 sí. Àwọn wọ̀nyí ni mo rà lápá gígùn, nítorí inú ọyẹ́ ni yóò wọ̀ wọ́n. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó dé kílò 8, mẹ́ta ni mo mú, alápá péńpé, torí oṣù Kẹta sí ìkẹrin ni yóò bọ́ sí i, tí ooru Àbújá kì í jẹ́ ká sùn. Mo fi téépù wọn gbogbo ọ̀kirìká láti èjìká dé ìdí, nítorí àwọn tí wọ́n ti fọ̀ rí ti sún kì. Aṣọ òwú tuntun pàápàá máa ń sún kì díẹ̀ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, nítorí náà mi ò ra èyí tó bá ọmọ mú ṣinṣin.

Ìyá mi, tó wá láti Òṣogbo láti bá mi wẹ ọmọ, kò fara mọ́ NB mẹ́rin yẹn pàápàá. "Kí lò ń rà á fún? Ra ńlá, yóò dàgbà bá a." Mo gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n mo wọ èyí tó tóbi fún ọmọ lọ́jọ́ kẹta kí wọ́n lè rí i. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọrùn aṣọ gòkè, ó bo àgbọ̀n rẹ̀ dé ètè. Ìyá mi fúnra wọn ló sáré fà á wálẹ̀. Aṣọ tó tóbi jù kò dára fún oorun ìkókó, ó lè bo imú.

Kílò 3.4 ni wọ́n bí i. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ti wálẹ̀ sí 3.2; ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ìwọ̀n wọn máa ń wálẹ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó padà sí 3.4 lọ́jọ́ kejìlá. Láti ìgbà náà títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ń fi bí gíráàmù 45 kún un lójúmọ́. Ká ní NB tó parí sí 3.6 ni mo rà ni, kò ní tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kọjá rẹ̀. Èyí tí mo rà bá a dé ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Kì í ṣe ìwọ̀n ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ aṣọ. Ọjọ́ kan ni mo ń de bọ́tìnì ìsàlẹ̀, tí mo ní láti fa aṣọ kó tó kan ara wọn. Nígbà tí mo tú u, ilà pupa wà ní itan rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo tún wò nínú aṣọ tó bo ẹsẹ̀: ọmọ ìka rẹ̀ ti ká kò. Ìlédìí rẹ̀ náà ti ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí aṣọ ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kó NB kúrò. Nígbà tí a lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, òṣùwọ̀n sọ pé kílò 4.8. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ó jẹ́ 5.8, ní ìkẹrìnlá 6.6, mo sì ti gbé alápá péńpé jáde. Káàdì àjẹsára yẹn ni mo fi ń mọ ìgbà tí mo máa pààrọ̀ aṣọ. Mi ò ka oṣù mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń kọjá NB kíákíá bẹ́ẹ̀. Ìbejì tí àbúrò mi bí, ọ̀kan jẹ́ kílò 2.2, ìkejì 2.4. NB gan-an ń fì lára wọn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọ̀ ọ́ dé bí oṣù méjì. Irú wọn ló ń fẹ́ NB dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá àpò náà padà sókè. Ìyàwó ilé kejì wa ní Kubwa lóyún, wọ́n sì ti sọ fún un pé méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo fọ àwọn NB, mo sá wọn sóòrùn, mo kó gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú márùn-ún tí kò kan omi rí yẹn.